Okùn Tí Ó So Aláṣẹ: Oríṣi Àṣẹ Mẹ́ta ní Ìlú Wagadúgù

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, ẹgbẹ́ ọmọ-ogun méjì dojú ìbọn kọ ara wọn ní ìlú Wagadúgù, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Bùrúkínà Fásò. Ẹgbẹ́ kìíní ni ẹ̀ṣọ́ ààrẹ, àwọn sójà tí a kọ́ ní iṣẹ́ ogun jù lọ ní ilẹ̀ náà, tí ohun ìjà wọn sì dára ju ti àwọn yòókù lọ. Ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ náà ni wọ́n ti já wọ ibi tí ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà ti ń ṣe ìpàdé, tí wọ́n mú ààrẹ onígbà díẹ̀, Michel Kafando, àti olórí ìjọba rẹ̀, Isaac Zida. Ọ̀gágun Gilbert Diendéré, tí ó ti jẹ́ ọ̀gá wọn láti ọdún pípẹ́, sì kéde pé òun ni ó di olórí ilẹ̀. Ẹgbẹ́ kejì ni àwọn ọmọ-ogun yòókù, tí wọ́n kúrò ní bárékè wọn ní àwọn ìlú mìíràn, tí wọ́n sì wọ Wagadúgù láti gba ìjọba padà lọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ti dí ojú ọ̀nà, àwọn òṣìṣẹ́ ti da iṣẹ́ sílẹ̀, ìbọn sì ti pa ènìyàn tí ó lé ní mẹ́wàá.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ méjèèjì kò lọ sí ilé ẹjọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ààfin ọba ni wọ́n lọ. Níwájú Mọ́gò Nábà Baongho, ọba àwọn Mọ́sí, ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn. Ẹ̀ṣọ́ ààrẹ yóò fi àwọn ibi tí wọ́n gbà nínú ìlú sílẹ̀, wọn yóò sì padà sí àgọ́ wọn. Àwọn ọmọ-ogun yòókù yóò fà sẹ́yìn ní àádọ́ta kìlómítà sí ìlú, wọn kò sì ní fọwọ́ kan àwọn ẹ̀ṣọ́ náà àti ìdílé wọn. Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ 23, Kafando padà sí orí àga rẹ̀.

Mọ́gò Nábà kò ní ẹgbẹ́ ọmọ-ogun. Òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ náà kò fún un ní agbára kankan lórí sójà. Kí ni ó wá mú kí àwọn ọ̀gágun tí ó ní ìbọn tẹríba níwájú ẹni tí kò ní ìbọn? Ìbéèrè yìí ti pẹ́ ní ayé, ìlú Wagadúgù sì ti dá a lóhùn ní ọ̀nà mẹ́ta láàrin ọgọ́ta ọdún.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1919, ní ìlú Míúníkì, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Max Weber bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ òṣèlú. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ọba ńlá Jámánì kúrò lórí ìtẹ́, tí ó sì sá kúrò nílùú. Ìlú kò mọ ẹni tí ó yẹ kí ó gbọ́ràn sí lẹ́nu mọ́. Weber ya agbára sọ́tọ̀ kúrò lára àṣẹ. Olè tí ó dá ènìyàn lọ́nà ní agbára, nítorí ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kẹ́yìn sí ni, ẹni tí ó jà lólè yóò ké ìbòsí. Aláṣẹ ni ẹni tí àwọn tí ó ń pàṣẹ fún gbà nínú ọkàn wọn pé ó ní ẹ̀tọ́ láti pàṣẹ. Weber ní orísun mẹ́ta ni irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Ìkíní ni àṣẹ àbáláyé: bí àwọn bàbá ti ṣe é nìyẹn. Ìkejì ni àṣẹ ẹ̀bùn, èyí tí àwọn ènìyàn gbà fún ẹnì kan nítorí ohun àrà ọ̀tọ̀ tí wọ́n rí lára òun tìkára rẹ̀. Ìkẹta ni àṣẹ òfin: kì í ṣe ènìyàn ni a ń gbọ́ràn sí lẹ́nu bí kò ṣe ipò tí òfin gbé kalẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ì bá à wà níbẹ̀.

Ohun kan wà nínú ẹ̀kọ́ yìí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbójú fò. Ohun tí ó fún aláṣẹ ní ẹ̀tọ́, òun náà ni okùn tí ó so aláṣẹ mọ́lẹ̀. Ọba tí ó ń jọba nítorí àṣà kò gbọdọ̀ ré àṣà kọjá. Akọni tí a ń tẹ̀ lé nítorí iṣẹ́ ribiribi rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣe iṣẹ́ ribiribi. Ààrẹ tí ó ń ṣèjọba nípa òfin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún òfin. Ọjọ́ tí okùn bá já ni àṣẹ ń kúrò lọ́wọ́ aláṣẹ, bí ìbọn tilẹ̀ ṣì kù sí i lọ́wọ́. Ìtàn Wagadúgù fi èyí hàn gbangba.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ààfin. Àwọn Mọ́sí ní láti ara ọmọ ọba obìnrin kan, Yẹnẹnga, tí ó gun ẹṣin kúrò nílé bàbá rẹ̀ ní ilẹ̀ tí ó ti di àríwá Gánà lónìí, ni ìran àwọn ọba wọn ti ṣẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Wẹdraogo, ni àwọn ọba náà ń pè ní bàbá ńlá. Àṣẹ ọba ni wọ́n ń pè ní náàm, ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ìran náà kò sì lè gbà á. Ṣùgbọ́n jíjẹ́ ọmọ ọba nìkan kò tó. Àwọn ìjòyè ńlá, tí Wídì Nábà jẹ́ olórí wọn, ni wọ́n ń yan ẹni tí yóò jọba.

Bí àṣà ti so ọba náà mọ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá dé Wagadúgù ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Àwọn ìjòyè yóò péjọ síwájú ààfin, wọn yóò jókòó sí ilẹ̀, olúkúlùkù ní ipò rẹ̀. A ó di ẹṣin ọba ní gàárì. Mọ́gò Nábà yóò jáde nínú aṣọ pupa, bí ẹni tí ó fẹ́ rin ìrìn àjò. Ìtàn tí àwọn ará ìlú ń sọ ni pé ìyàwó kan tí ọba àtijọ́ kan fẹ́ràn lọ kí àwọn ènìyàn rẹ̀, kò sì tètè padà. Ọba fẹ́ lọ mú un wá, ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè bẹ̀ ẹ́ pé bí ó bá lọ, ìlú yóò bàjẹ́. Nítorí náà ni wọ́n fi ń bẹ̀ ẹ́ títí di òní. A ó tú gàárì ẹṣin, ọba yóò wọlé, yóò sì tún jáde nínú aṣọ funfun láti gba ìkíni ìjòyè rẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni a ń fi hàn ní gbangba pé ọba kò lè ṣe bí ọkàn rẹ̀ ti fẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá, tí ó mọ̀ pé ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Aláàfin tí Ọ̀yọ́ Mèsì bá kọ̀ kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó kú lọ.

Irú àṣẹ yìí ní ààlà, Wagadúgù sì ti rí ààlà náà. Àwọn Faransé gba ìlú ní ọdún 1896. Mọ́gò Nábà ìgbà náà, Wobgo, sá lọ, ó sì kú sí ìgbèkùn ní ilẹ̀ tí ń jẹ́ Gold Coast nígbà náà. Láti ìgbà náà lọ, ọba wà, ṣùgbọ́n ìjọba wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí òmìnira sún mọ́ tòsí, Mọ́gò Nábà Kougri, ọ̀dọ́mọdé ọba tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, rò pé ó tó àkókò láti gba ipò àwọn bàbá rẹ̀ padà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 1958, ó kó àwọn jagunjagun rẹ̀ lọ yí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ká, àwọn tí ó gbé ọrun àti ọfà lọ́wọ́, kí àwọn aṣòfin lè gbà pé ọba ni yóò jẹ́ olórí ilẹ̀ lábẹ́ òfin. Àwọn sójà Faransé tú wọn ká. Àwọn aṣòfin yan Maurice Yaméogo gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba, òun ni ó sì di ààrẹ nígbà tí ilẹ̀ náà, tí ń jẹ́ Fólítà Òkè nígbà náà, gba òmìnira ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ ọdún 1960.

Kò ṣòro láti mọ ìdí tí ọba náà fi kùnà. Náàm àwọn Mọ́sí wà lórí àwọn Mọ́sí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí àwọn Faransé fi ààlà yí ká ní àwọn Bobo, Lobi, Gurunsi, Fúlàní àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn nínú, tí àwọn baba wọn kò jókòó síwájú ààfin Wagadúgù rí. Ohun tí àṣà kò fi fún ọba ni ó fẹ́ fi ọfà gbà. Ní ilẹ̀ bí Ẹsuwatíní ní gúúsù Áfíríkà, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀yà kan ṣoṣo, ọba lè fi àṣà ṣèjọba orílẹ̀-èdè, gẹ́gẹ́ bí Mswati Kẹta ti ń ṣe láti ọdún 1986. Ní Fólítà Òkè, kò ṣeé ṣe.

Ọ̀nà kejì dé ní ọdún 1983, lórí ọ̀gágun ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kan tí ń jẹ́ Thomas Sankara. Ó jẹ́ olórí ìjọba fún oṣù díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ti wọ àwọn ọ̀dọ́ lára. Nígbà tí àwọn ọ̀gá ológun mú un ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ọ̀dọ́ tú sí ìgboro Wagadúgù, wọ́n ń ké pé kí wọ́n dá a sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Blaise Compaoré, kó àwọn sójà wá láti ìlú Pó nítòsí ààlà Gánà, wọ́n sì fi Sankara jẹ olórí ilẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ.

Kì í ṣe ọmọ ọba, a kò sì dìbò yàn án. Ohun tí àwọn ènìyàn rí lára rẹ̀ ni wọ́n fi tẹ̀ lé e. Ó ta àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ olówó iyebíye tí àwọn mínísítà ń gùn, ó ní kí wọ́n máa gun ọkọ̀ kékeré, òun náà sì ń gùn ún. Ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa wọ aṣọ òwú tí a hun nílé, òun náà sì ń wọ̀ ọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1984, láàrin nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, a gún àwọn ọmọdé tí ó ju mílíọ̀nù méjì lọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára lòdì sí èéyi, ibà pọ́njú àti àrùn yírùnyírùn. Nígbà tí kò sí owó láti fi tẹ ọ̀nà irin dé ìlú Kaya, ó pe àwọn ará ìlú jáde, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn gbé irin náà. Ọdún kan gééré lẹ́yìn tí ó gbàjọba ni ó yí orúkọ ilẹ̀ náà padà sí Bùrúkínà Fásò, ilẹ̀ àwọn ọmọlúàbí.

Ojú tí ó fi wo àwọn ọba kò dára. Ó fagi lé ìṣákọ́lẹ̀ àti iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí àwọn ará abúlé ń ṣe fún àwọn olóyè, ìjọba rẹ̀ sì gé iná mànàmáná ààfin Mọ́gò Nábà nítorí owó iná tí a kò san. Lójú Sankara, jíjẹ́ ọmọ ẹni ńlá kò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́. Iṣẹ́ nìkan ni ó ń fúnni.

Níbí yìí ni okùn tirẹ̀ wà. Akọni kò lè sinmi. Ẹ̀rí tí ó mú wá lánàá kò tó fún ọ̀la, bí iṣẹ́ náà bá sì kùnà, kò ní àṣà tàbí ìwé òfin tí yóò fẹ̀yìn tì. Àìsàn kejì tí ó wà nínú àṣẹ ẹ̀bùn ni pé kò sí ọ̀nà tí a fi lè sọ fún akọni pé ó ṣìnà. Nígbà tí àwọn olùkọ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 1984, ìjọba lé iye tí ó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì fi àwọn tí a kọ́ fún ìgbà díẹ̀ rọ́pò wọn. Àwọn ìgbìmọ̀ olùgbèjà ìyípadà, tí a dá sílẹ̀ ní àdúgbò gbogbo, gba ìbọn, àwọn mìíràn nínú wọn sì fi ń yọ ará ìlú lẹ́nu. Ta ni a ó fẹjọ́ wọn sùn? Sankara nìkan ni. Ẹni kan ṣoṣo ni ilé ẹjọ́, òun náà ni aṣòfin.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 1987, àwọn sójà yìnbọn pa Sankara pẹ̀lú àwọn méjìlá mìíràn níbi ìpàdé, ní ọgbà Konsẹ́ì Lántántì ní Wagadúgù. Wọ́n sin wọ́n lóru. Ìwé ẹ̀rí tí ìjọba fi síta sọ pé ikú àdáyébá ni ó kú. Compaoré gba ipò rẹ̀, ó ní òun ń tún ìyípadà náà ṣe ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ara ẹni kì í ṣe ẹ̀wù tí a ń bọ́ lọ́rùn ẹnì kan wọ̀ sọ́rùn ẹlòmíràn. Àga Sankara ni Compaoré rí gbà. Ọkàn àwọn tí ó tẹ̀ lé Sankara kò bá àga náà wá. Ó di dandan fún un láti wá ẹ̀tọ́ síbòmíràn, ó sì lọ wá a sínú òfin.

Báyìí ni a ṣe dé ọ̀nà kẹta. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 1991, àwọn ará ìlú dìbò gba òfin ìpìlẹ̀ tuntun. Abala 37 nínú òfin náà sọ pé ọdún méje ni ààrẹ yóò lò, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a sì lè tún un yàn. Ní ọdún 1997, nígbà tí ẹ̀ẹ̀kejì Compaoré ń bọ̀ lọ́nà, àwọn aṣòfin yọ gbólóhùn tí ó fi ààlà sí i kúrò. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 1998, a pa akọ̀ròyìn Norbert Zongo, ẹni tí ó ń wádìí ikú awakọ̀ kan tí ó ṣiṣẹ́ fún àbúrò ààrẹ. Ìbínú ìlú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi dá ààlà náà padà ní ọdún 2000: ọdún márùn-ún, àtúnyàn ẹ̀ẹ̀kan. Ní ọdún 2005, ilé ẹjọ́ tí ó ń bójú tó òfin ìpìlẹ̀ ní òfin tuntun náà kò kan ohun tí ó ti kọjá. Nítorí náà, Compaoré bẹ̀rẹ̀ ìkà láti òdo: ó wọlé ní ọdún 2005, ó sì tún wọlé ní ọdún 2010.

Bí a bá wo ìtàn yìí dáadáa, a ó rí i pé Compaoré kò ya ìwé òfin. Ìgbésẹ̀ gbogbo ní òǹtẹ̀, ó ní ìbò, ó ní ìdájọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìgbàkígbà tí okùn náà bá fẹ́ mú un ni a ń tú u. Ọ̀nà tí a fi ń mọ òfin tí ó ti di ọ̀ṣọ́ lásán nìyí: kí a wo ìgbà tí a yí i padà, àti ẹni tí ìyípadà náà ṣe ní àǹfààní.

Sáà ìkẹyìn rẹ̀ yóò parí ní ọdún 2015. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 2014, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà fọwọ́ sí àbá láti tún Abala 37 ṣe, kí a lè yan ààrẹ padà ní ẹ̀ẹ̀mejì. Bí mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn aṣòfin bá gbà á, kò ní sí pé ará ìlú ń dìbò lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 27, àwọn obìnrin Wagadúgù jáde pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́, wọ́n nà án sókè. Ní ilẹ̀ náà, èèwọ̀ ńlá ni kí obìnrin na ọmọrogùn sí ọkùnrin. Ẹni tí wọ́n bá nà án sí ti di ẹni ìtìjú. Ẹ kíyè sí i pé ohun ìjà àbáláyé ni wọ́n gbé jáde láti gbèjà abala kan nínú ìwé òfin. Ní ọjọ́ kejì, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn kún ìgboro. Ní ọjọ́ 30, ọjọ́ tí àwọn aṣòfin fẹ́ dìbò, àwọn ará ìlú já wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n sì sun ún. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, Compaoré kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó sì sá lọ sí Kodifúà.

Ní Nàìjíríà, irú ọ̀rọ̀ yìí parí láìsí iná. Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 2006, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní Àbújá kọ àbá tí ì bá fún ààrẹ ní àǹfààní sáà kẹta, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sì gbé ìjọba sílẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Níbẹ̀ okùn dì. Ní Wagadúgù, okùn já, ará ìlú ni ó sì so ó padà.

Nígbà tí Compaoré lọ, àwọn ológun, àwọn olóṣèlú, àwọn olórí ẹ̀sìn àti àwọn ọba jókòó pọ̀, wọ́n sì kọ ìwé àdéhùn tí ìjọba onígbà díẹ̀ yóò fi ṣiṣẹ́ títí di ìgbà ìdìbò. Lábẹ́ ìwé náà ni Kafando fi di ààrẹ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014. Ìjọba yìí gan-an ni ẹ̀ṣọ́ ààrẹ fẹ́ dojú dé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Nísinsìnyí, ìbéèrè àkọ́kọ́ ti ní ìdáhùn. Ní ọdún 1958, Mọ́gò Nábà kó jagunjagun jáde láti gba ìjọba, a sì tú wọn ká. Ní ọdún 2015, arọ́pò rẹ̀ jókòó sínú ààfin rẹ̀, kò bèèrè ipò kankan, ó ń ṣe ohun tí àṣà ní kí ọba ṣe: kí ó má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé kan náà pa ara wọn. Kò ré ààlà rẹ̀ kọjá, nítorí náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi wúwo. Kódà orúkọ àgọ́ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ náà gbà láti padà sí ni Nábà Koom Kejì, orúkọ ọba Wagadúgù kan tí ó wàjà ní ọdún 1942.

Síbẹ̀, ààfin nìkan kọ́ ni ó yanjú ọ̀rọ̀ náà. Bí kì í bá ṣe pé àwọn ará ìlú dí ọ̀nà, tí àwọn ọmọ-ogun láti ìgbèríko sì wọ ìlú, bóyá Diendéré kì bá tí lọ sí ààfin rárá. Bẹ́ẹ̀ sì ni àdéhùn náà ní ààlà. Ìjọba tú ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ náà ká ní ọjọ́ 25. Nígbà tí díẹ̀ nínú wọn kọ̀ láti kó ohun ìjà sílẹ̀, àwọn ọmọ-ogun kọlu àgọ́ wọn ní ọjọ́ 29. Ilé ẹjọ́ ológun ni ó wá dá ẹjọ́ Diendéré ní ọdún 2019, tí ó sì rán an ní ẹ̀wọ̀n ogún ọdún. Ọba lè dá ìjà dúró. Ó ku ẹni tí yóò gbọ́ ẹjọ́, tí yóò sì fi ìyà jẹ ẹlẹ́ṣẹ̀. Iṣẹ́ òfin nìyẹn.

Òfin náà ní àìsàn tirẹ̀. Roch Marc Christian Kaboré wọlé ìbò ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, a sì tún un yàn ní ọdún 2020. Kò sí ẹni tí ó sọ pé ìwé rẹ̀ kò pé. Ṣùgbọ́n àwọn agbésùnmọ̀mí ń pa ará abúlé ní àríwá àti ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà, ìjọba kò sì lè dáàbò bò wọ́n. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, wọ́n pa àwọn ẹ̀ṣọ́ ìjọba tí ó lé ní àádọ́ta ní Inata, ìlú sì gbọ́ pé àwọn ẹ̀ṣọ́ náà kò rí oúnjẹ jẹ kí ikú tó dé bá wọn. Nígbà tí àwọn sójà gbàjọba ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní ọdún 2022, àwọn kan tilẹ̀ jó ní ìgboro. Ẹ̀tọ́ tí ìbò fúnni kì í pẹ́ kí ó tó gbẹ, bí aláṣẹ kò bá lè ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ yàn án.

Ohun tí àwọn sójà náà ṣe lẹ́yìn èyí yẹ fún àkíyèsí. Paul-Henri Damiba, tí ó kọ́kọ́ gbàjọba, lọ búra níwájú ilé ẹjọ́ tí ó ń bójú tó òfin ìpìlẹ̀. Ibrahim Traoré, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, tí ó lé Damiba lọ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, lọ búra níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó fi ìbọn dé ibẹ̀ mọ̀ pé ìbọn nìkan kò tó. Lábẹ́ ìjọba Traoré, ní oṣù Kejì ọdún 2023, a tún egungun Sankara sin sí ibi tí a gbé pa á, ní oṣù Kẹwàá ọdún náà a sì fi orúkọ rẹ̀ rọ́pò ti ààrẹ Faransé de Gaulle lára òpópónà ńlá kan ní Wagadúgù. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, wọ́n fi ọgọ́ta oṣù kún àkókò ìjọba onígbà díẹ̀ náà. Láti ọwọ́ òfin ni a ti yá ìbúra, láti ọwọ́ akọni tí ó ti kú ni a sì ti yá orúkọ.

Ohun tí a yá ní ọjọ́ tí a ó dá a padà. Ẹni tí ó bá búra níwájú òfin ti gbà pé òfin lè bi òun ní ìbéèrè ìgbà tí òun yóò lọ. Ẹni tí ó bá pe ara rẹ̀ ní ọmọ Sankara ti fún ará ìlú ní òṣùwọ̀n tí wọn yóò fi wọ̀n ọ́n. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, ilé ẹjọ́ ológun ní Wagadúgù dá Compaoré lẹ́bi ikú Sankara, ó sì rán an ní ẹ̀wọ̀n gbére, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n àti ààbọ̀ lẹ́yìn ìpànìyàn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí níbẹ̀ láti gbọ́ ìdájọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, a sì ń di ẹṣin Mọ́gò Nábà ní gàárì, a sì ń tú u.